Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pààrọ̀ gáùn àdìrẹ sáìsì 16: kò tó ìwọ̀n tó wà lórí àtẹ yín

Bódìjà, Ìbàdàn
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Oníbàárà mi,

Ẹ kú ọjà o, mà, ẹ sì kú àpọ́n. Ajé á wọlé. Èmi ni mo ra gáùn àdìrẹ aláró lọ́wọ́ yín ní 1 Oṣù Kẹsàn-án, nọ́ńbà ọjà 2174, sáìsì 16, ₦38,000. Ọjọ́ Sátidé ló tẹ̀ mí lọ́wọ́. Aró rẹ̀ mu dáadáa, iṣẹ́ ọrùn rẹ̀ sì wù mí, ṣùgbọ́n gáùn náà kò tó ìwọ̀n tí ẹ kọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pààrọ̀ rẹ̀.

Lórí àtẹ ìwọ̀n yín, sáìsì 16 jẹ́ íńṣì 42 ní àyà, 35 ní ìbàdí, 46 ní ìdí. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ àtẹ náà pé ìwọ̀n aṣọ gan-an nìyẹn, kì í ṣe ìwọ̀n ara ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Àyà tèmi jẹ́ 40, ìdí mi 44. Torí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mú 16, kí àyè díẹ̀ lè wà fún mi láti jókòó kí n sì mí, nítorí òwú àdìrẹ kì í nà.

Nígbà tí mo wọ̀ ọ́, síìpù ẹ̀yìn gòkè dé ìsàlẹ̀ eegun èjìká, ó sì há síbẹ̀. Mo bọ́ ọ, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì láìfi agbára fà á, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n láti abẹ́ abíyá kan dé ìkejì: íńṣì 19 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Tí ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 39 ààbọ̀ ni. Ìbàdí jẹ́ 33, ìdí jẹ́ 43. Ẹ wá wo sáìsì 14 lórí àtẹ yín kan náà: 40, 33, 44. Léébù ń pè é ní 16, aṣọ fúnra rẹ̀ ò tó 14.

Mi ò tíì fọ̀ ọ́, omi ò kàn án. Bó bá sì jẹ́ pé òwú ló sún kì látọ̀dọ̀ aláró, gígùn rẹ̀ ì bá dín pẹ̀lú, ṣùgbọ́n gígùn pé 56 géérégé bí ẹ ṣe kọ ọ́, èjìká náà sì dọ́gba. Fífẹ̀ nìkan ló dín. Lójú tèmi, ibi tí wọ́n ti gé e ni ọ̀rọ̀ wà, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn yòókù tí wọ́n gé pọ̀ mọ́ ọn rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi yẹ̀ wọ́n wò kí ẹlòmíràn tó rà wọ́n.

Mo ti gbé e lọ bá aránṣọ àdúgbò wa bóyá ó lè tú u. Ó yí inú rẹ̀ síta, ó fi hàn mí pé etí aṣọ tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìrán kò ju ìdajì íńṣì lọ. Kò sí ohun tí a fẹ́ tú níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ni sáìsì 18 nínú aró kan náà, bí àyà rẹ̀ bá pé 42 tí ìdí rẹ̀ sì pé 46. Ẹ má wo léébù o, mà. Ẹ fi téèpù lé aṣọ yẹn gan-an, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó dì í. Owó ọlọ́kadà tó máa wá gbé èyí àti owó tó máa gbé ìkejì wá, ọ̀dọ̀ yín ló yẹ kó ti wá, torí ohun tí ẹ kọ ni mo tẹ̀ lé.

Mo rí i lórí risíìtì yín pé ọjà tí ẹ bá ti tà, ẹ kì í gbà á padà. Ìyẹn kò lè de irú èyí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ẹ̀tọ́ oníbàárà sọ pé ọjà tí a fi àpèjúwe tà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe rẹ̀ mu. Ìjà kọ́ ni mo bá wá, mà. Mo ṣì fẹ́ràn iṣẹ́ yín, aṣọ yín náà ni mo sì ṣì fẹ́ wọ̀.

Ọjọ́ Sátidé 27 oṣù yìí ni a ó ṣe àádọ́rin ọdún màmá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, àdìrẹ aláró sì ni gbogbo àwa ọmọ fẹ́ wọ̀. Bí ẹ bá ní 18 náà, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù yìí. Bí kò bá sí, ẹ dá ₦38,000 mi padà sínú àkáǹtì tí mo fi sanwó, kí n lè tètè wá òmíràn.

Mo fi fọ́tò téèpù lórí àyà, ìbàdí àti ìdí aṣọ náà, pẹ̀lú ti léébù, mọ́ lẹ́tà yìí. Gáùn náà wà nínú ọ̀rá tí ó bá dé, ó ti wà ní dídì. Mo máa ń wà nílé láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ ní kí ọlọ́kadà pè mí kó tó gbéra.

Mo ń retí èsì yín, mà.

Èmi ni,
Ìyá Tómiwá