Àbá Ìwádìí fún Oyè Ọ̀mọ̀wé: Fífi Ìtànṣán Oòrùn àti Amúṣẹ́yá tí a Lẹ̀ Mọ́ Gíláàsì Tú Àṣẹ́kù Oògùn Inú Omi Palẹ̀

Ìpìlẹ̀ ìwádìí

Kabamasipíìnì, oògùn tí àwọn alárùn wárápá ń lò, máa ń gba inú ọ̀pọ̀ ilé ìfọmi-ìdọ̀tí kọjá láìdínkù púpọ̀, nítorí pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹ ìdọ̀tí níbẹ̀ kì í lè tú u. Láti ìgbà tí Fujishima àti Honda ti fi hàn ní ọdún 1972 pé ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sára TiO2, ìyẹn títéníọ́ọ̀mù díọ́ksáìdì, lè ran omi lọ́wọ́ láti pín sí háídírójínì àti ọ́síjínì, àwọn onímọ̀ ti ń wá bí irú amúṣẹ́yá bẹ́ẹ̀ yóò ṣe fọ omi mọ́. Ìmọ́lẹ̀ a ta ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò ní ipò rẹ̀, àyè tó ṣófo a sì bá omi ṣiṣẹ́ títí rádíkà háídírọ́síìlì yóò fi jáde, èyí tí í fọ́ èròjà oògùn sí wẹ́wẹ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àlàfo agbára TiO2 oríṣi anatéésì, ìyẹn agbára tó kéré jù tí ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ní kí ó tó lè ta ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀, tó 3.2 eV: ìtànṣán tí ìgbì rẹ̀ gùn ju nánómítà 388 lọ kò lè ta á jí, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba ìdá 5 nínú 100 agbára oòrùn ni ìgbì rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀.

Èròǹgbà

Mo fẹ́ so TiO2 pọ̀ mọ́ g-C3N4, èròjà kábọ́ọ̀nù àti náítírójínì tí àlàfo tirẹ̀ jẹ́ 2.7 eV, tí ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn ju ti TiO2 lọ fi lè ta á jí, kí n sì mọ bóyá àdàlù náà yóò ṣiṣẹ́ nínú omi odò gan-an. Aró búlúù ni ọ̀pọ̀ ń fi dán amúṣẹ́yá wò nínú omi mímọ́ tí a sè, tí a sì gba ooru rẹ̀, ṣùgbọ́n aró náà fúnra rẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra, nítorí náà pé àwọ̀ rẹ̀ ṣí kì í ṣe ẹ̀rí tó tó.

Ọ̀nà ìwádìí

N ó yan yúríà nínú ààrò ní ìwọ̀n 550 °C kí ó lè di g-C3N4, n ó pò ó mọ́ TiO2, n ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì, kí ìyẹ̀fun má baà bá omi lọ. Omi yóò wà nínú òkùnkùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí á tó tan iná sí i, kí a má baà ka oògùn tó kàn lẹ̀ mọ́ gíláàsì sí èyí tó ti túká. Ìmọ́lẹ̀ láìsí amúṣẹ́yá, amúṣẹ́yá láìsí ìmọ́lẹ̀, àti TiO2 nìkan ni a ó fi ṣe ìfiwéra. Ẹ̀rọ kíromatógíráfì olómi yóò ka iye oògùn tó kù. A ó wọn àpapọ̀ kábọ́ọ̀nù pẹ̀lú, torí pé kabamasipíìnì lè yí padà di akirídíìnì, èyí tí í ṣe májèlé, kí ó tó parẹ́ pátápátá. Fún ìdí kan náà ni a ó fi omi tó jáde dán dafíníà, ẹ̀dá kékeré inú omi, wò.

Àbájáde tí a ń retí

Mo retí pé iṣẹ́ yóò falẹ̀ nínú omi odò, nítorí pé báíkábónéètì àti àṣẹ́kù ewé jíjẹrà ń gba rádíkà lọ. Ìwádìí náà yóò sọ bí ó ti falẹ̀ tó, èwo nínú méjèèjì ló ń fà á jù, àti iye ìgbà tí a lè lo ìlẹ̀kẹ̀ kan kí agbára rẹ̀ tó dínkù.