Ìfisùn lórí ₦185,000 tí ẹ yọ nínú àkáǹtì mi tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí

Ọjọ́ 20, Oṣù Kẹta, 2025

Sí Máníjà Ẹ̀ka,
Nípasẹ̀ àwọn tó ń bójú tó ìfisùn oníbàárà.

Alàgbà,

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, 2025, ní aago 14:23 ọ̀sán, mo fi ₦185,000 ránṣẹ́ lórí áàpù yín. Inú àkáǹtì mi tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 4471 ni owó náà ti jáde, àkáǹtì tó parí sí 0826 ní báǹkì mìíràn ni mo sì fi ránṣẹ́ sí. Ẹ yọ owó náà lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ₦53.75 tí ẹ gbà fún ìfowóránṣẹ́. Títí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, kọ́bọ̀ kan kò wọlé sọ́hùn-ún.

Nọ́ńbà tí áàpù yín gbé jáde fún un nìyí:

Session ID: 000099250311142307618204957731

Ọjọ́ àti aago tí mo ń sọ wà nínú nọ́ńbà yẹn fúnra rẹ̀ (250311142307), nítorí náà kò yẹ kó ṣòro fún yín láti wá a rí. Nínú státímẹ́ǹtì mi, ₦212,640.18 ló wà nílẹ̀ kí n tó ránṣẹ́, ₦27,586.43 ló kù lẹ́yìn náà.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé bóyá nọ́ńbà àkáǹtì ni mo tẹ̀ ṣì, orúkọ ẹni tí mo ń sanwó fún jáde lójú fóònù kí n tó tẹ nọ́ńbà àṣírí mi, òun gan-an sì ni. Àkáǹtì yìí kan náà ni mo san àsansílẹ̀ rẹ̀ sí nínú oṣù Kejì, tó sì wọlé láìsí wàhálà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ pe àwọn tó ń gbé fóònù lọ́dọ̀ yín, wọ́n ní kí n fún un ní wákàtí mẹ́rìnlélógún. Mo fún un. Nígbà tí mo tún pè, wọ́n ní ní tiwọn, owó ti lọ, kí ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí lọ béèrè ní báǹkì rẹ̀. Ó lọ. Wọ́n fi nọ́ńbà òkè yìí wá a níwájú rẹ̀, wọn kò rí i, wọ́n sì tẹ státímẹ́ǹtì rẹ̀ láti ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 18 fún un, níbi tí kò ti sí ₦185,000 kankan. Mo kó èyí lọ sí káńtà yín, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ sì yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi kí n lè fojú ara mi rí “Successful” tí wọ́n kọ síbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣe é tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà kì í ṣe owó. Báǹkì méjèèjì kò lè jàre lẹ́ẹ̀kan náà, èmi kò sì lágbára láti wo ìwé ìṣirò tó wà láàárín yín. Ẹ̀yin lẹ lè wò ó, ẹ̀yin náà lẹ sì yọ owó lọ́wọ́ mi.

Káfíńtà tí mo ń sanwó fún ti kan ilẹ̀kùn tán, kò sì fẹ́ gbé e jáde láìgbowó, n kò sì bá a wí. Mo ti yá owó san fún un lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tún owó yìí tì sí àkáǹtì rẹ̀. Inú àkáǹtì tèmi ni kí ẹ dá ₦185,000 náà padà sí, pẹ̀lú ₦53.75 tí ẹ gbà fún iṣẹ́ tí kò parí. Bí ẹ bá sì dúró lórí pé owó ti wọlé sọ́hùn-ún, ẹ fún mi ní ẹ̀rí rẹ̀ ní ìwé, tí yóò fi ọjọ́ àti aago tó wọlé hàn, kí n lè gbé e lọ bá báǹkì kejì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní nọ́ńbà ìfisùn lọ́jọ́ tí ẹ bá gba lẹ́tà yìí, nítorí kò sí èyí tí wọ́n fún mi nínú gbogbo ìgbà tí mo ti pè. Mo ń retí owó náà tàbí èsì yín ní ìwé kó tó di ìparí iṣẹ́ lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ 27, oṣù Kẹta, 2025. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, màá kó gbogbo ìwé yìí lọ sí ọ́fíìsì tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Báǹkì Àpapọ̀.

Mo fi rìsíìtì orí áàpù, ojú ìwé státímẹ́ǹtì mi ti ọjọ́ 11, àti ẹ̀dà státímẹ́ǹtì ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí, tó yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi, mọ́ lẹ́tà yìí. Nọ́ńbà fóònù mi tó wà lọ́wọ́ yín kò yí padà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Adéọlá Ìdòwú
(Oníbàárà, àkáǹtì tó parí sí 4471)