Àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò oúnjẹ: àìsàn kíndìnrín onípele kẹrin, ṣáájú dáyálísíìsì

Sí dókítà kíndìnrín, Òṣogbo

Obìnrin ni, ẹni ọdún 58, ó ń ta àdìrẹ ní Ọjà Ọba. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Kò ní ìtọ̀ ṣúgà. Agbára sísẹ́ kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ 24, ìyẹn ìpele kẹrin (15 sí 29).

Òṣùwọ̀n sọ pé kìló 62, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, nítorí náà kìló 60 ni mo fi ṣírò. Oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, kìló 66 ni. Ó ní ìró òun kì í dúró nídìí mọ́. Iṣan apá rẹ̀ ti rù. Àbùmínì jẹ́ gíráàmù 34 nínú lítà ẹ̀jẹ̀. Mi ò gbé ìdájọ́ lé ìyẹn nìkan, torí wíwú àti àrùn mìíràn náà máa ń fà á sílẹ̀. Pòtásíọ̀mù 5.6, fósíféètì 1.7 (mílímólù nínú lítà): méjèèjì ti ga.

Ohun tó jẹ lánàá: ògì lásán láàárọ̀, àmàlà pẹ̀lú ewédú tí wọ́n fi káún sè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́ta, ẹlẹ́rìndòdò dúdú ìgò kan, ìrẹsì díẹ̀ lálẹ́. Aládùúgbò kan ló ní kó má fẹnu kan ẹran, ẹja àti ẹyin mọ́. Púrótéènì tó jẹ kò ju gíráàmù 25 lọ, agbára oúnjẹ náà ò sì ju kalorí 1,200 lọ.

Èrò mi: ebi ń pa á. Ẹran kọ́ ni ìṣòro rẹ̀.

Ní ìpele kìíní àti ìkejì, púrótéènì gíráàmù 0.8 fún kìló ara kan lóòjọ́ ti tó, a kì í fòfin de pòtásíọ̀mù tí ẹ̀jẹ̀ kò bá fi hàn pé ó ga. Láti ìpele kẹta dé ìkarùn-ún, 0.55 sí 0.60 ni fún ẹni tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà (0.6 sí 0.8 fún ẹni tó ní in), bí ara rẹ̀ bá dúró tí ó sì ń jẹun yó. Tirẹ̀: 0.6 × 60 = gíráàmù 36 lóòjọ́, kalorí 1,800. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ ká dín in sí i.

Mo ní kó padà sí ẹyin kan lóòjọ́ àti ẹja tútù kékeré kan. Ẹ̀bà àti òróró ni yóò fi gba agbára. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi àgbọn, ó di ìgbà mìíràn. Kó bó iṣu, kó gé e wẹ́wẹ́, kó sè é nínú omi púpọ̀, kó da omi náà nù. Kó yé ra iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní iyọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ríru: pòtásíọ̀mù ló wà nínú rẹ̀. Káún náà, kó fi sílẹ̀.

Fósíféètì: mílígíráàmù 800 sí 1,000 lóòjọ́. Ẹlẹ́rìndòdò dúdú ni mo kọ́kọ́ yọ, torí fósíféètì tí wọ́n fi kún un máa ń wọ ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ti ẹ̀wà kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Pòtásíọ̀mù tó bá kọjá 6.0 kí wọ́n pè yín lójú ẹsẹ̀. Mo tún fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ obìnrin, torí òun ló ń dáná.