Ẹ Pẹ̀lẹ́ Méjì ní Ọjà Wúsè

Ìdí ata ni mo jókòó sí ní ọjà Wúsè ní Àbújá,
Níbi tí ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ ti ń gba iwájú mi kọjá.
Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, àwa tí òwò gbé dé Òkè Ọya;
Nígbà tí ìjọba ti Èkó kó wá ní 1991, tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ya
Wọ ìlú yìí bí àgbàrá, èmi àti baálé mi wà lára wọn;
Mo ta ata, mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, n kò sì dín ìwọn.

Ọ̀nà tóóró kan ló gba iwájú ìsọ̀ wa, èmi ni mo sì wà láàárín,
Mo mọ ẹni tí ń kùn lórí owó, mo mọ ẹni tí ń tajà pẹ̀lú ẹ̀rín.
Lápá òsì mi ni ọmọbìnrin kan ti ń ta èlùbọ́ Ṣakí,
Ọmọ tí kì í gba iwájú àgbà kọjá kó má kúnlẹ̀ kó kí;
Lápá ọ̀tún, ní òdìkejì ọ̀nà, ni télọ̀ kan wà tó gbé tépù kọ́ ọrùn,
Tó ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ títí di wíwọ̀ oòrùn.
Láti ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin náà dé ọ̀dọ̀ télọ̀ kò ju ogún ẹsẹ̀,
Oṣù márùn-ún ni wọ́n sì ti ń ṣí ìsọ̀, tí wọn kì í sinmi ju ọjọ́ kan lọ́sẹ̀,
Síbẹ̀ wọn kò rí ara wọn. Èyí lè jọ ẹni tí kò mọ ọjà lójú,
Ṣùgbọ́n èrò inú ọjà wa kì í jẹ́ kí ọ̀nà ṣófo fún ìṣẹ́jú:
Alábàárù ń ti bárò, wọ́n ń fi èdè Haúsá ní kí a yà,
Oníbàtà ń polówó bàtà, ó ń fa èrò mọ́ra pẹ̀lú ọ̀yàyà,
Àlùbọ́sà Sókótó ń ta ojú, iṣu Bẹ́núè tò bí igi ìdáná,
Kò sì sí ọjà kan tí oníbàárà kì í kọ́kọ́ fẹnu ná.

Ilé télọ̀ wà ní Kúbúwà, ti ọmọbìnrin wà ní Màrárábá,
Ọ̀nà wọn kò papọ̀ láàárọ̀, kò sí ọkọ̀ tí wọ́n lè fi bá
Ara wọn pàdé. Ọjà yìí nìkan ni ilé tí wọ́n jọ ń wọ̀,
Níbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń fi òógùn ojú wá oúnjẹ àti ọ̀wọ̀.
Ohun mìíràn tún wà tó jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra, èdè ni;
Nítorí èdè Haúsá ni àwọn méjèèjì fi ń pe ẹni
Tó bá fẹ́ rajà. Télọ̀ a máa gbọ́ ohùn obìnrin kan lódìkejì,
Tó ń dá iye èlùbọ́ ní Haúsá, láàárín ariwo tó dà bí ìjì,
Ọmọ Zàríà ni ó sì pè é lọ́kàn. Ọmọbìnrin náà pẹ̀lú
A máa gbọ́ ọkùnrin tó ń dá oníbàárà lóhùn, a ní ọmọ Tápà tó wá gbé ìlú.
Èmi gan-an tí mo wà láàárín, Haúsá ni mo fi ń kí télọ̀ lójoojúmọ́,
Ó sì dùn mí títí dòní pé mo fi àìbéèrè pa ọmọ ìyá mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Kejì ni ohun tí mò ń wí yìí ṣẹlẹ̀,
Ọyẹ́ ti ń lọ sópin, eruku rẹ̀ ṣì bo òrùlé àti ilẹ̀.
Tòmátì Kánò ti pọ̀ lọ́jà, agbọ̀n mẹ́ta ni mo rà lówùúrọ̀,
Mo ní kí alábàárù kan fi bárò tì í wá, mo sanwó láìfa ọ̀rọ̀.
Ó to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ dé àgbọ̀n,
Ìgbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ mi ni táyà kọ lu òkúta, tó da gbogbo agbọ̀n.
Tòmátì tú ká bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já lọ́rùn ìyàwó,
Mo dìde, mo ké, nítorí kì í ṣe ọ̀ràn kékeré, owó ni, owó.
N kò ké ní Haúsá. Bí nǹkan bá dun ènìyàn dé egungun, kì í yan ohùn,
Èdè tí ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ ní ìrìn ni yóò bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ìbáà dùn,
Ìbáà má dùn. "Yéè! Ẹ gbà mí o!" ni mo pè, mo ká ọwọ́ lérí,
Gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, irú rẹ̀ ni n kò tíì rí.

Oníbàtà bẹ̀rẹ̀, ẹlẹ́ja bẹ̀rẹ̀, aláṣọ ká aṣọ rẹ̀ kúrò lọ́nà,
Ìyá àgbà tó ń ra ẹ̀wà pàápàá tẹ̀ba, ọwọ́ gbogbo wọn sì nà
Sí ilẹ̀ kí wọ́n lè bá mi ṣà á. Mo rí i, orí mi wú, ọkàn mi kún,
Pé ìlú tí a kò bí mi sí ni gbogbo ènìyàn ti ń rẹ̀ mí lẹ́kún.
Alábàárù ń bẹ̀ mí, ó ń gbọ̀n. Mo ní kó tún gbé ẹrù,
Mo ní èyí tó fọ́ yóò di ti ìkòkò ọbẹ̀, kó nu ojú, kó má bẹ̀rù.
Báyìí ni ògiri èrò wó lulẹ̀, tí ojú fi rí àyè wò,
Tí ẹni méjì péré ṣì dúró nínú gbogbo àwọn tó wá ṣòwò.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá!" ni ohùn obìnrin wí láti òsì,
"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá!" ni ohùn ọkùnrin wí láti ọ̀tún, kò dín, kò sì
Lé, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n mú un, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n dá a dúró,
Tí oníkálukú wá ń wá ẹni tó bá òun sọ ọ́ lórí ìnàró.
Ojú wọn sì pàdé lókè orí mi, bí ìgbà tí a ta okùn
Láti ilé kan sí èkejì, tàbí tí atẹ́gùn ṣí ìlẹ̀kùn
Yàrá tí a ti tì láti ọjọ́ pípẹ́. Mo gbàgbé owó, mo gbàgbé ata,
Mo ń wò wọ́n bí ẹni tó ń ti Súlèjà bọ̀ ti ń wo Zúmà, àgbà àpáta.

Ọmọbìnrin náà rí ọkùnrin tó ga, tí òwú funfun lẹ̀ mọ́ èjìká,
Tí ọwọ́ tó fi mú sísọ́ọ̀sì dúró sójú kan, tí kò lè nà, tí kò lè ká.
Ó rí ojú tí kò wo òun bí ẹni tí ń díye lé ọjà,
Bí kò ṣe bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń bá a jà.
Ọkùnrin náà rí ọmọbìnrin tí èlùbọ́ kùn lójú bí àtíkè,
Tó mú kóńgò dání, tí kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tí kò sì gbé e lókè.
Ó wí fún mi lẹ́yìn náà pé, bí ẹwà tilẹ̀ wà níbẹ̀,
Omi ni òun kọ́kọ́ rí lójú rẹ̀ nítorí tèmi, ẹkún tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀.
Mo rántí olóògbé baálé mi, bí òun náà ti wò mí rí
Ní ọjà Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí mo gbé igbá gààrí lórí,
Tí bàtà mi já lẹ́sẹ̀ kan, tí mo sì ń rìn pẹ̀lú ìtìjú,
Tó wí fún mi títí tó fi kú pé òun kò rí bàtà, òun rí ojú.

Kò pẹ́ tó ìgbà tí a fi ń ka oókan dé ẹẹ́wàá kí èrò tó dìde,
Ògiri tún mọ, oníbàtà tún ń polówó, ariwo tún ń jáde
Láti ibi gbogbo. Ṣùgbọ́n télọ̀ fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó gbéra,
Ó mú tòmátì kan tó yí dé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀, ó nu eruku rẹ̀ kúrò lára.
Ogún ẹsẹ̀ péré ni, ṣùgbọ́n ó rìn ín bí ẹni ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà Kàdúná;
Ó ní, "Màmá, ẹ kú ewu. Èyí ló yí dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ gbà á ná."
Mo gbà á, mo súre fún un, mo bi í ní ìlú rẹ̀, ó ní Ìlọrin,
Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó sì lọ sókè sódò bí ẹni tó fẹ́ dá orin.
Ẹnu rẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ wà lára ẹni tó ń ta èlùbọ́,
Ọmọbìnrin náà sì ń wolẹ̀, kóńgò ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ẹ̀ bọ́.

"Ẹ kú ọjà o," ni télọ̀ wí. "Ẹ ṣeun, sà," ni ó dá a lóhùn.
"Ọmọ Zàríà ni mo pè yín láti ìgbà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dùn
Yín." "Ọmọ Tápà ni èmi náà pè yín, sà." Ó wọn èlùbọ́ títí tó fi ń dà,
Èènì ga lórí kóńgò bí òkìtì, mo sì mọ̀ pé nǹkan ti yí padà,
Nítorí ọmọ yìí mọ ìwọ̀n jù mí lọ, kì í fi èlùbọ́ ṣòfò;
Ọkùnrin náà sanwó, kò dúró gba ṣéńjì, ó lọ bí ẹni tí yóò fò.
Kò bèèrè orúkọ, kò gba nọ́ńbà fóònù, mo sì gbóríyìn
Fún un lọ́kàn mi pé ó jẹ́ kí ojú ṣáájú, kí ẹnu máa bọ̀ lẹ́yìn.

Tòmátì tó fọ́ ni mo kó jọ lọ́tọ̀, kí n lè gbé e lọ ilé lọ sè,
Ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ yẹn sì dùn ju gbogbo ọbẹ̀ tí mo ti jẹ láti Wúsè.
Ṣùgbọ́n kí n tó palẹ̀ mọ́, mo rí télọ̀ tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ nílẹ̀,
Tó yí i kọjú sí ọ̀dọ̀ wa kó tó tún gbé e kalẹ̀.
Lápá òsì, ọmọbìnrin náà ń wọ́ àpò èlùbọ́ kan tó ga,
Tó ti ń dí iwájú rẹ̀, lọ sí ẹ̀yìn. Mo bá dìde lórí àga,
Mo pa agboòrùn mi dé, mo sún agbọ̀n ata sí ẹ̀gbẹ́ kan,
Mo sì fa àga mi sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, títí òun àti ògiri fi kan.