Ìyìn fún ẹni tó ń ṣọ́ fíríìjì: ọ̀rọ̀ ìfihàn òṣìṣẹ́ ọdún

Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn wa, ẹ̀yin olórí ẹ̀ka gbogbo, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ òru tí ẹ ò tíì fojú kan oorun, àti ẹ̀yin ẹbí àwọn tí a fẹ́ yẹ́ sí lónìí, ẹ kú ìjókòó o.

Wọ́n ní kí n wá fi ẹni tó gba àmì-ẹ̀yẹ òṣìṣẹ́ ọdún hàn yín. Àwọn àgbà ní yinniyinni kẹ́ni ó ṣe mìíràn, ìyìn náà ni mo sì bá wá. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbọ́ "aláápọn" lẹ́nu mi, ẹ ò sì ní gbọ́ "ẹni bí ẹni, èèyàn bí èèyàn". Ọ̀rọ̀ tó dára ni wọ́n, àmọ́ ta ni kò ṣeé fi kì nínú gbogbo wa tó jókòó síbí? Ẹni tí a bá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yìn lè padà sí àyè rẹ̀ láìmọ ohun tí a rí tó ṣe. Iṣẹ́ ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí sì wá jẹ́ irú èyí tó jẹ́ pé bó bá ń lọ dáadáa, ẹnikẹ́ni ò ní rí nǹkan kan. Ọjọ́ tó bá bàjẹ́ nìkan là ń mọ̀ pé èèyàn ń bẹ nídìí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ohun tí wọ́n ṣe, bí ojú mi ṣe rí i.

Sítọ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ló ń tọ́jú fíríìjì tí a ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí. Nọ́ọ̀sì ni mí ní kíríníìkì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí mo gún fọ́mọ tí kò tọwọ́ wọn wá. Fún ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín kò dé ibẹ̀: láàárín dígírì 2 sí 8 ni fíríìjì yẹn gbọ́dọ̀ wà, lọ́sàn-án àti lóru. Bó bá gbóná jù, oògùn ń bàjẹ́. Bó bá tutù débi pé ó dì, òmíràn nínú wọn bàjẹ́ pátápátá, bẹ́ẹ̀ bó bá tún yọ́ tán, a lè gbé ìgò náà sójú kó dà bí èyí tí nǹkan ò ṣe. Àmì róbótó tí ẹ ń rí lára ìgò, tó ní igun mẹ́rin kékeré nínú, ooru nìkan ló ń fi hàn. Bí ooru bá ṣe ń kó jọ ni igun mẹ́rin yẹn ń dúdú, tó bá sì ti dúdú tó róbótó tó yí i ká, a ò gbọ́dọ̀ lò ó mọ́. Ti oògùn tó dì, àmì yẹn ò lè sọ ọ́. Èèyàn ló máa sọ ọ́.

Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ là ń ka òtútù fíríìjì náà, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, a ó sì kọ ọ́ sára ìwé tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Kí wọ́n tó gba iṣẹ́ yìí, òfìfo ni ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè máa ń wà lórí ìwé yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo ní kí wọ́n kó ìwé oṣù 14 tí wọ́n ti wà níbẹ̀ jáde fún mi, mo sì jókòó tì í, mo yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò rí àyè kan ṣoṣo tó ṣófo. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tí wọn ò sí lẹ́nu iṣẹ́, orúkọ ọ̀gá mẹ́ntẹnáǹsì tàbí ti ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé ló wà níbẹ̀, nítorí wọ́n ti lọ bẹ̀ wọ́n ṣáájú, wọ́n sì ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan. Mo ti gbé báàgì kọ́ apá, mo ń lọ sílé, nígbà tí mo rí iná nínú sítọ̀. Mo yọjú. Fíríìjì ti dákẹ́, wáyà kan ló jó lẹ́yìn rẹ̀. Òṣùwọ̀n tó wà nínú rẹ̀ ń sọ dígírì 7, ó sì ń gòkè. Kúlà mẹ́ta wà nílẹ̀ ní ṣíṣí, ike yìnyín sì tò lọ gbọọrọ lórí tábìlì. Wọ́n ń mú ike yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé e sétí, wọ́n ń mì ín. Èyí tí kò bá dún, wọ́n á dá a padà sórí tábìlì. Èyí tí omi bá ró nínú rẹ̀, wọ́n á nù ún gbẹ, wọ́n á tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà.

Mo ní, "Mọ̀mí, ẹ tètè kó o wọlé kó má yọ́ tán."

Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Bó bá ṣì le gbagidi tí mo bá gbé e ti oògùn, yóò dì í. Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ díẹ̀ ná. Ẹ bá mi mi tọ̀hún wò, nọ́ọ̀sì."

Bí èmi náà ṣe gbé yìnyín sétí nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ń gún abẹ́rẹ́, mo mọ òfin yẹn nínú ìwé, ṣùgbọ́n mi ò tíì fetí ara mi gbọ́ ọ rí. Gbogbo oògùn náà wọ kúlà kí òṣùwọ̀n tó kan 8. Wọ́n ti òṣùwọ̀n bọ inú kúlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, wọ́n sì jókòó ti àwọn kúlà náà títí fíríìjì fi padà tutù ní nǹkan bí agogo méjì òru. Lọ́jọ́ Sátidé, ìyẹn ọjọ́ kejì, ọmọ 46 la gún lábẹ́rẹ́ ní kíríníìkì mi. Kò sí ìyá tí a dá padà. Kò sí ìyá tó tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbé ọmọ jòjòló rin ọ̀nà jíjìn wá gba abẹ́rẹ́, tí wọ́n ní kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ìyá mìíràn kì í padà wá.

Èyí tí mo fẹ́ sọ tẹ̀ lé e yìí, mo gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn kí n tó mú un wá síwájú yín. Ní oṣù kẹta tí wọ́n dé sítọ̀, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, òṣùwọ̀n wà ní dígírì 1 sísàlẹ̀ òdo. Ẹlòmíràn ò tíì dé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n yí bọ́tìnnì fíríìjì padà, kí wọ́n dúró di agogo mẹ́wàá, kí wọ́n sì kọ 4 sórí ìwé. Dípò bẹ́ẹ̀, yíǹkì pupa ni wọ́n fi kọ òǹkà tí wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ rẹ̀. Ìwé náà ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Ó kà báyìí: "Èmi ni mo yí bọ́tìnnì lánàá nítorí ooru. Mo yí i jù."

Wọ́n wá pè mí, a jọ dán an wò. A mú ìgò kan tó jẹ́ ti àpótí kan náà, a mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó dì pátápátá, a sì jẹ́ kó yọ́. A mú un mọ́ ọwọ́ kan pẹ̀lú èyí tí a ń fura sí, a mì wọ́n pọ̀, a gbé wọn kalẹ̀ sójú ìmọ́lẹ̀, a ń wò ó. Èyí tí kò bá dì rí, bí omi ẹfun ló máa ń rí, kì í tètè rọ̀ sísàlẹ̀. Èyí tó bá ti dì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ á máa rọ̀ sísàlẹ̀ kíá. Ti àrùn mẹ́dọ̀wú irú B rọ̀ sísàlẹ̀ bákan náà pẹ̀lú èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ dì. Ìgò 30 ni a yọ kúrò. Ti rọpárọsẹ̀ tí a ń kán sọ́mọ lẹ́nu, dídì kì í bà á jẹ́, nítorí náà wọn ò dà á nù. Ìgò 30 yẹn ì bá ti wọ ara àwọn ọmọ, àwọn òbí wọn ì bá sì máa rò nílé pé a ti dáàbò bò wọ́n.

Bó ṣe di pé ẹ ń rí pílásítà lórí bọ́tìnnì fíríìjì nìyẹn, tí wọ́n kọ "Ẹ pè mí kí ẹ tó fọwọ́ kàn án" sí lára, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn. Láti ìgbà náà, òǹkà kankan ò tíì bọ́ sísàlẹ̀ 2 lórí ìwé. Tí ẹ bá bi mí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi yíǹkì pupa kọ yẹn tóbi lójú mi ju àìsùn ọjọ́ Jímọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ wa lè pàdánù oorun nítorí iṣẹ́. Ká kọ "èmi ni" sílẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò rí wa, ìyẹn le.

Mi ò ní fa ìyókù gùn. Wọ́n tún pẹpẹ oògùn tò: èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ pé ló wà níwájú, wọ́n sì kọ oṣù rẹ̀ gàdàgbà sára páálí. Àwọn ẹ̀ka mẹ́ta tó máa ń dá oògùn tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ padà sí sítọ̀ kò dá ìkankan padà láti ìdajì ọdún sẹ́yìn. Wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ méjì tó wà lábẹ́ wọn ní gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀, débi pé nígbà tí wọ́n gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a pè wọ́n. Èmi ni mo sì pè wọ́n, kí n lè kí wọn kú ìsinmi.

Mo rí i pé ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn ti ń wo apá ibì kan. Ẹni tí ẹ̀ ń wò gan-an ni. Òǹkà àárọ̀ yìí, mo yà síbẹ̀ kí n tó wọ gbọ̀ngàn yìí: dígírì 5 ni, agogo mẹ́jọ ni wọ́n kọ ọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó lọ pààrọ̀ aṣọ.

Ìyá Ìbejì, ẹ dákun, ẹ máa bọ̀ níwájú, kí ọ̀gá àgbà gbé àmì-ẹ̀yẹ yín lé yín lọ́wọ́.