Búùtà Ẹ̀bá Kànga

Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ káàárọ̀.

Ọ̀rọ̀ búùtà kan ni mo fẹ́ bá yín sọ. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọmọ kan pọn omi sínú búùtà, ó fẹ́ ṣe àlùwàlá kí ó lè kírun àìlá. Kó tó bọ́ bàtà tán, ẹnì kan ti fẹsẹ̀ gbá búùtà náà, omi dànù. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ ni o. Kò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé búùtà rẹ̀, ó nu iyẹ̀pẹ̀ ẹnu rẹ̀, ó padà sídìí kànga. Ojú fèrèsé ni mo wà. Ojú tì mí, torí Kìrìsìtẹ́nì ni mí, orúkọ Jésù ni ọmọ tó gbá a sì ń pè bó ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó ń bọ̀ láti ìrun Jímọ̀ kọjá níbi tí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ti ń kọrin, wọ́n ń pè wọ́n ní kèfèrí. Ẹ̀yin náà, mo bá yín wí. Nígbà tí àwọn ará Mẹ́kà ń fìyà jẹ àwọn Músùlùmí àkọ́kọ́, ilẹ̀ Ábísíníà ni Ànábì ní kí wọ́n sá lọ, sábẹ́ ọba tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì. Àwọn ará Mẹ́kà wá wọn débẹ̀. Àwọn Músùlùmí náà ka Súrátù Máríyámù sétí ọba, ìtàn ní omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò sì fà wọ́n lé ọ̀tá lọ́wọ́. Ṣé ẹni tó fi babańlá ẹ̀sìn yín pamọ́ lẹ fẹ́ máa bú?

Ẹ̀yin ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá. Ẹ óò bá àdúrà níbẹ̀, ẹ óò bá ìwàásù, ẹ óò bá àlàáfíà. Láti èdè Lárúbáwá ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti wá, ẹnu àwọn Músùlùmí ni Yorùbá sì ti kọ́ wọn. Àlùbáríkà tí ìyá yín fi ń súre fún yín kí ẹ tó jáde nílé láàárọ̀ yìí, ibẹ̀ náà ló ti wá.

Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 38, fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ẹ̀sìn tó wù ú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin ló yẹ kó kọ́kọ́ dí wa lọ́wọ́. Lọ́dún 2025 yìí, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ni Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ karùn-ún ni Ọjọ́rú Eléérú. Ààwẹ̀ méjèèjì la jọ ń gbà nínú ọgbà kan náà. Ẹ wo ètè ara yín.

Mo ti ra búùtà mẹ́rin. Èmi fúnra mi ni n ó pọn omi sí wọn lọ́sàn-án òní. Ẹni tó bá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ṣọ́ọ̀ṣì ni o, mọ́sálásí ni o, kó bá mi nídìí kànga tí aago kan bá lù. Ẹ ṣeun.