Lẹ́tà sí Ìyá Ṣadé: bí ẹ ó ṣe fọ gáàùn búrókéèdì yín àti bí ẹ ó ṣe tọ́jú rẹ̀

Ìyá Ṣadé mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Gáàùn yín ti parí, òun ló wà nínú àpò yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka lẹ́tà yìí tán kí omi tó kàn án.

Ẹ kọ́kọ́ yí ọrùn rẹ̀ síta. Ẹ ó rí òwú wúrà tó nà gbọọrọ láti ìdí òdòdó kan dé ìdí èkejì, tí kò so mọ́ nǹkan kan láàárín. Òwú yẹn ló gbé òdòdó náà jáde sójú aṣọ. Bí òrùka tàbí èékánná bá fà á, iwájú á fún jọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi aṣọ inú bo gbogbo ara rẹ̀ yòókù. Bí òwú kan bá yọ síta, ẹ má gé e o. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tì í padà sẹ́yìn aṣọ.

Ẹ má máa fọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá bọ́ ọ, ẹ yí i sódì, kí ẹ fi kọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, lábẹ́ ibòji, fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Abíyá nìkan ni kí ẹ fi aṣọ funfun tí ẹ rẹ sínú omi nù, láti inú. Lọ́fínńdà sì rèé, ara ni kí ẹ fín in sí, kó gbẹ kí ẹ tó wọ aṣọ, torí ó máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀, ó sì máa ń pa dídán òwú náà.

Bí epo bá ta sí i, ẹ má fi ọṣẹ ra á lójú ẹsẹ̀. Ẹ da páúdà funfun lé e, kó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá rọra gbọ̀n ọ́n dànù.

Bí ó bá wá di dandan láti fọ̀ ọ́, ẹ fi ẹ̀já aṣọ tí mo fi ránṣẹ́ dán an wò ná. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ tẹ aṣọ funfun mọ́ ọn. Bí aró bá yí aṣọ funfun náà, ẹ má fọ gáàùn yìí nílé, ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń fọ aṣọ láìlo omi, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ó ní òwú wúrà. Bí kò bá yí i, ẹ fa síìpù sókè, ẹ yí gáàùn sódì, kí ẹ fọ òun nìkan. Omi tútù lítà mẹ́wàá, ọṣẹ olómi tí kò le, ṣíbí ìjẹun méjì. Ẹ po ọṣẹ pọ̀ mọ́ omi kí ẹ tó ti aṣọ bọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Àtẹ́lẹwọ́ ni kí ẹ fi máa tẹ̀ ẹ́ wọ inú omi. Ẹ má bó o, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, ẹ má sì lo bílíìṣì rárá. Ẹ ṣàn án títí ọṣẹ á fi tán, torí ọṣẹ tó bá kù sínú rẹ̀ ló ń mú kó le gbagidi.

Omi gbígbóná ni mò ń bẹ̀rù jù. Ohun tí mo fi mú ọrùn àti àyà rẹ̀ dúró, gọ́ọ̀mù ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Bí ooru bá tú gọ́ọ̀mù yẹn, ojú aṣọ á wú kéékèèké bí ìléròrò, kò sì sí bí mo ṣe lè tún un ṣe láìtú ọrùn náà.

Ẹ má fún un. Ẹ fi táwẹ̀lì ká a bí ẹni ká ẹní, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí táwẹ̀lì fa omi rẹ̀. Ẹ wá tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí táwẹ̀lì mìíràn nínú ibòji. Bí ẹ bá fi hángà kọ́ ọ ní tútù, ìwúwo omi á fa èjìká rẹ̀ gùn.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ̀ ọ́, ẹ̀yìn aṣọ ni kí ẹ ti lọ̀ ọ́. Ẹ da aṣọ òwú bò ó, kí áyọ́ọ̀nù lọ́ wọ́ọ́wọ́ lásán. Ẹ gbé e lé e, kí ẹ tún gbé e kúrò, ẹ má wọ́ ọ. Ike wà lára òwú wúrà yẹn, iná tó bá pọ̀ á mú kó ká kò, kó sì dúdú. Ẹ̀já aṣọ yẹn náà ni kí ẹ kọ́kọ́ dán iná wò lára.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e pamọ́ fún ìgbà pípẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa fún odindi ọjọ́ kan lẹ́yìn ìlọ̀, torí ọ̀rinrin ló ń mú aṣọ bu. Ẹ fi aṣọ òwú funfun wé e, ẹ má fi náílọ́ọ̀nù wé e, kì í jẹ́ kí aṣọ mí. Ẹ tún ká aṣọ funfun díẹ̀ sínú ibi tí ẹ bá ti ṣẹ́ ẹ, kí ẹ sì máa yí ojú ìṣẹ́po rẹ̀ padà lóṣù méjì-méjì. Bó bá ń ṣẹ́ lójú kan náà, òwú wúrà á já níbẹ̀. Káńfọ̀ kò gbọdọ̀ kan aṣọ, inú àpò kékeré ni kó wà, ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Mo fi íǹṣì kan sílẹ̀ ní ìhà méjèèjì àti íǹṣì méjì ní etí ìsàlẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ kí n tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ̀já aṣọ àti bọ́tìnnì méjì wà nínú àpò kékeré tí mo fi pín-ìnnì há mọ́ aṣọ inú, lápá òsì. Ẹ yọ pín-ìnnì náà lónìí, kó má baà dípẹtà sára aṣọ.

Èmi àbúrò yín,
Mojísọ́lá, télọ̀ yín